Owó Ọ̀fẹ́ Tí Bọ̀dá Ń Tà Ní £150

Ọ̀rọ̀ yìí máa gùn. Ẹni tó bá ń sáré lọ síbi iṣẹ́ alẹ́, kó tọ́jú ẹ̀ dìgbà tó bá délé.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àbúrò kan pè mí. Kò tíì ju oṣù mẹ́ta lọ tó dé Líìdì, másítà ló ń kà. Ó ní ẹnì kan wà lórí Wọ́sáàpù tí gbogbo wọn ń pè ní "Bọ̀dá", tó ní kóun san £150, kóun lè kọ́ bí èèyàn ṣe ń gba £1,000 lóṣù lọ́wọ́ àwọn ilé tẹ́tẹ́ láìsí ewu kankan. Ó ti sanwó náà. Ìyẹn nìkan kọ́ o. Bọ̀dá tún ní kó fi àwòrán páásípọ́ọ̀tù rẹ̀ ránṣẹ́, àti ìwé báǹkì tí àdírẹ́sì rẹ̀ wà lórí ẹ̀, kó lè "bá a ṣí àwọn àkáǹtì náà kíákíá". Ó ti fi ìyẹn náà ránṣẹ́. Ìgbà tó ṣe gbogbo ẹ̀ tán ló wá rántí pé èmi náà ti ṣe nǹkan tó jọ bẹ́ẹ̀ rí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé òótọ́ ni àbí jìbìtì?"

Mo ní méjèèjì ni. Ìṣirò ẹ̀, òótọ́ ni. Èyí tí Bọ̀dá ń tà fún yín pé kò séwu, tó sì máa ń wọlé lóṣooṣù bí owó oṣù, irọ́ ni. Mo sì fẹ́ ṣàlàyé apá méjèèjì, torí pé àwọn tó ń pariwo pé jìbìtì ni gbogbo ẹ̀ kò mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́, àwọn tó sì mọ̀ ọ́n ń fi òótọ́ inú ẹ̀ bo irọ́ inú ẹ̀ mọ́lẹ̀. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi ṣe é, nígbà tí owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ mi kò tó san owó ilé. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ sọ fún mi pé ẹ̀ṣẹ̀ ni tẹ́tẹ́, mo ti gbọ́ ìyẹn lẹ́nu ìyá mi. Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ lónìí.

Mátìdì bẹ́tìn ni wọ́n ń pe nǹkan ọ̀hún. Bó ṣe rí nìyí. Àwọn ilé tẹ́tẹ́ níbí máa ń fi ọ̀fẹ́ fa oníbàárà tuntun: fi £10 ta tẹ́tẹ́ lọ́dọ̀ wa, a ó fún ẹ ní £30 ọ̀fẹ́. £30 yẹn kì í ṣe owó tí o lè gbà sápò. Tẹ́tẹ́ nìkan ni o lè fi ta, tó bá sì jẹ, èrè orí ẹ̀ ni wọ́n máa fún ẹ, wọn ò ní fún ẹ ní £30 gan-an. Ọ̀pọ̀ èèyàn á fi ta á sórí ẹgbẹ́ tí wọ́n fẹ́ràn, á parẹ́, wọ́n á wá fi owó tiwọn tẹ̀ lé e. Ìdí tí wọ́n fi ń fúnni nìyẹn. Ẹni tó ń ṣe mátìdì bẹ́tìn kì í yan ẹgbẹ́ kankan. Apá méjèèjì ló máa ń ta, pé kinní náà á ṣẹlẹ̀ àti pé kò ní ṣẹlẹ̀, tó fi jẹ́ pé ibi yòówù kí bọ́ọ̀lù gbà, apá tó pọ̀ nínú £30 yẹn á di owó gidi.

Níbo lèèyàn ti ń ta tẹ́tẹ́ pé nǹkan kò ní ṣẹlẹ̀? Ọjà kan wà fún un. Lọ́dún 2000 ni Betfair bẹ̀rẹ̀ tiẹ̀, Smarkets àtàwọn mìíràn wá tẹ̀ lé e. Lórí ọjà yìí, ilé tẹ́tẹ́ kọ́ ló ń bá ẹ ta á, èèyàn bíi tìẹ ni. Bọ́tìnnì méjì ló wà níbẹ̀. `Back` ni pé o gbà pé ẹgbẹ́ náà á borí. `Lay` ni pé o ní wọn ò ní borí, ìyẹn ni pé ìwọ fúnra ẹ lo di ilé tẹ́tẹ́ fún ẹlòmíì. Tí ẹgbẹ́ náà ò bá borí, owó onítọ̀hún di tìẹ. Tí wọ́n bá borí, ìwọ lo máa san èrè fún un. Ọjà á ti iye tí o lè jẹ ẹ́ mọ́lẹ̀ ṣáájú, kí o má bàa sá lọ. `Liability` ni wọ́n ń kọ sí i lójú fóònù. Ọjà fúnra ẹ̀ kàn ń gba owó díẹ̀ lórí èrè ẹni tó bá jẹ, ká ní 2%.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ọ̀kan pọ̀. O ní £10 tí ilé tẹ́tẹ́ ní kí o kọ́kọ́ ta. O wá bọ́ọ̀lù kan tí ọ́ọ̀dì ilé tẹ́tẹ́ àti ti ọjà sún mọ́ra. Ilé tẹ́tẹ́ ní 2.10 fún ẹgbẹ́ onílé, ìyẹn ni pé tí £10 ẹ bá jẹ, £21 ni wọ́n á kó fún ẹ, owó ẹ wà nínú ẹ̀. Lórí ọjà, `Lay` wà ní 2.14. Iye tí wàá fi `Lay` rèé:

```
10 × 2.10 ÷ (2.14 − 0.02) = 9.91
```

Tí ẹgbẹ́ onílé bá borí, o jèrè £11 lọ́dọ̀ ilé tẹ́tẹ́, o sì san £11.30 lórí ọjà. Tí wọn ò bá borí, £10 ẹ ti lọ, ṣùgbọ́n ọjà fún ẹ ní £9.71. Bó ṣe wù kó rí, nǹkan bíi 30 pẹ́nì lo pàdánù. Owó tí o fi ra tẹ́tẹ́ ọ̀fẹ́ nìyẹn.

Ó wá kan £30 ọ̀fẹ́ náà. Ibí yìí, ọ́ọ̀dì tó ga lo nílò, torí pé wọn ò ní dá £30 padà fún ẹ. Tí o bá fi ta á ní 2.00, £30 péré ló lè mú wá tó bá jẹ, wàá sì rí i pé bíi ìdajì ẹ̀ ló máa ṣẹ́ kù sí ẹ lọ́wọ́ lẹ́yìn tí o bá ti ta apá kejì. Nítorí náà o wá ẹgbẹ́ àlejò kan tí ilé tẹ́tẹ́ fún ní 5.0, tí ọjà fún ní 5.2:

```
30 × (5.0 − 1) ÷ (5.2 − 0.02) = 23.17
```

Tí àlejò bá borí, ilé tẹ́tẹ́ fún ẹ ní £120, ọjà gba £97.31 lọ́wọ́ ẹ, ó ku £22.69. Tí wọn ò bá borí, tẹ́tẹ́ ọ̀fẹ́ ti kú, ọjà sì fún ẹ ní £22.71. Yọ 30 pẹ́nì àkọ́kọ́ kúrò. O ti rí bíi £22.40, o ò sì bìkítà ẹni tó borí. Kò sí oògùn níbẹ̀, kò sí ìran rírí. Ẹni tó bá lè pín kó sì sọ di púpọ̀ lè ṣe é, kò sì tó ohun tí wọ́n ń gba £150 fún. Mo ti kọ ọ́ fún yín lọ́fẹ̀ẹ́ báyìí.

Ẹ wá padà wo £97.31 yẹn. Nítorí £22 ni o fi ní láti ti bíi £97 mọ́ ọjà. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tó ku £60 sí lápò títí oṣù á fi parí, níbo ló ti máa rí i? Tí àlejò bá sì borí, £97 ti kúrò lórí ọjà nìyẹn, owó rẹ ti di £120 tó wà lọ́wọ́ ilé tẹ́tẹ́. Ìgbà tí o bá ní kí wọ́n san án, wọ́n lè ní àwọn fẹ́ rí páásípọ́ọ̀tù, àwọn fẹ́ rí ìwé báǹkì, àwọn fẹ́ mọ ibi tí owó ti wá. Àwa tí orúkọ wa gùn, tí páásípọ́ọ̀tù kọ ọ́ báyìí, tí báǹkì gé e kúrú, tí yunifásítì yí i padà, a mọ̀ bí ìyẹn ṣe máa ń rí. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni owó tèmi kan fi wà níbẹ̀ torí orúkọ àárín tí kò sí lórí káàdì báǹkì mi. Owó ilé ò sì dúró dè mí.

Ìyẹn kéré o. Èyí tó dùn mí jù, ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe é.

Nígbà yẹn mo ti ṣe é fún oṣù mẹ́ta, ara mi ti le. Ilé tẹ́tẹ́ kan ní ẹni tó bá ta £100 á gba tẹ́tẹ́ ọ̀fẹ́. Mo ta £100 sórí ẹgbẹ́ onílé ní 2.00. Lórí ọjà, `Lay` wà ní 2.02, ìṣirò ẹ̀ sì jẹ́ £100 géérégé. Mo tẹ̀ ẹ́, mo gbé fóònù sílẹ̀, mo lọ se indomí. Nígbà tí mo padà dé, £38 péré ni ẹnì kan ti gbà lọ́wọ́ mi. £62 tó kù ṣì wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ `Unmatched` sí i lára. Láàárín ìṣẹ́jú yẹn, wọ́n ti ka orúkọ àwọn tó máa gbá bọ́ọ̀lù, ẹni tó ń gbá a wọlé fún ẹgbẹ́ onílé kò sí níbẹ̀. `Lay` ti fò lọ sí 2.30.

Ohun tó yẹ kí n ṣe ò le. Kí n gbà á ní 2.30, kí n fi £54.39 `Lay`, kí n pàdánù bíi £9.50 lápapọ̀, kí n lọ sùn. Mo mọ ìṣirò ẹ̀. Mo ṣe é sórí ìwé gan-an. Mo wá sọ lọ́kàn mi pé £9.50 ti pọ̀ jù, pé ọ́ọ̀dì náà máa tó padà wálẹ̀, pé kí n ní sùúrù. Bọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀, ọjà fagi lé £62 tí kò rẹ́ni gbà á, bó ṣe máa ń ṣe. Mo jókòó síwájú tẹlifíṣàn, mo ń gbàdúrà fún ẹgbẹ́ kan tí n ò mọ orúkọ ẹnì kankan nínú ẹ̀. Wọ́n pàdánù. £100 lọ, ọjà fún mi ní £37.24. Àdánù £62.76, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó èrè tẹ́tẹ́ ọ̀fẹ́ £30 mẹ́ta.

Tí Bọ̀dá bá ní "kò séwu", ohun tó ń sọ ni pé kò séwu nínú ìṣirò. Kò séwu nínú ìṣirò lóòótọ́. Inú èèyàn tó ń ṣe ìṣirò ló wà. Àṣìṣe mi kọ́kọ́ jẹ́ ti ọwọ́. Àmọ́ nígbà tí mo ní kí n dúró kí ọ́ọ̀dì padà, n kì í ṣe ẹni tó ń ṣe mátìdì bẹ́tìn mọ́. Onítẹ́tẹ́ ni mí, bíi gbogbo onítẹ́tẹ́ tó wà ní ìkóríta àdúgbò wa nílé. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì kò ju ìṣẹ́jú méjì lọ, kò sì sẹ́ni tó máa fọn fèrè fún ẹ pé o ti rékọjá.

Òmíì wà tí kì í ṣe ẹ̀bi ẹ rárá. Nínú àdéhùn gbogbo ilé tẹ́tẹ́, wọ́n kọ ọ́ pé táwọn bá ṣèèṣì kọ ọ́ọ̀dì tó hàn gbangba pé àṣìṣe ni, àwọn lè fagi lé tẹ́tẹ́ náà, kódà lẹ́yìn tí bọ́ọ̀lù ti parí. Ọjà ò mọ nǹkan kan nípa ìyẹn o. Tẹ́tẹ́ tí o ti `Lay` níbẹ̀ dúró digbí. Apá kan di òfo, apá kejì gba owó ẹ lọ. Nítorí náà, tí o bá rí ọ́ọ̀dì ilé tẹ́tẹ́ tó fi bẹ́ẹ̀ dùn ju ti ọjà lọ, ìgbà yẹn gan-an ló yẹ kí ẹ̀rù bà ẹ́.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wá síbi tí gbogbo èèyàn ti ń bínú. Ìdí tí wọ́n fi ń dè wá.

Bó ṣe máa ń rí ni pé ọjọ́ kan á dé, wàá gba lẹ́tà ìlà mẹ́rin pé wọn ò ní fún ẹ ní ọ̀fẹ́ kankan mọ́. Tàbí kó má sí lẹ́tà rárá. Wàá fẹ́ ta £20, wọ́n á ní iye tó pọ̀ jù tí o lè ta ni 43 pẹ́nì. Àkáǹtì ẹ ṣì wà, o lè kó owó ẹ jáde, ṣùgbọ́n kò wúlò fún ẹ mọ́. Àwọn kan nínú wa ti ní torí pé a jẹ́ dúdú ni, pé wọ́n rí orúkọ wa. Mo mọ̀ pé ilẹ̀ yìí máa ń fún wa ní ìdí tá a fi lè rò bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n lórí èyí, rárá. Ọmọ òyìnbó tá a jọ ń lo ọ́fíìsì kan ní yunifásítì, bàbá ẹ̀ ló kọ́ ọ ní nǹkan yìí, wọ́n dè é kí wọ́n tó dè mí. Nọ́ńbà ni wọ́n ń wò.

Nọ́ńbà wo? Kọ́kọ́ wo bí wọ́n ṣe ń jẹun. Ká ní owó ẹyọ kan la fẹ́ jù sókè, orí tàbí ìrù. Ọ́ọ̀dì tó tọ́ ni 2.00 fún méjèèjì. Ilé tẹ́tẹ́ á kọ 1.91 sí méjèèjì. Ẹni tó bá fi £10 ta orí, tó tún fi £10 ta ìrù, á san £20, á sì gba £19.10 padà. 90 pẹ́nì yẹn ni oúnjẹ wọn. Tí gbogbo oníbàárà bá ń ta bó ṣe wù wọ́n, 90 pẹ́nì á máa wọlé bí omi ẹ̀rọ, kò sídìí láti bẹ̀rù ẹnì kankan.

Ṣùgbọ́n ọ́ọ̀dì tí wọ́n ń kọ lójúmọ́ pọ̀ púpọ̀, gbogbo ẹ̀ ò lè tọ̀nà. Ká ní wọ́n gbàgbé ọ̀kan ní 2.30 nígbà tí gbogbo ọjà ti gbà pé 2.10 ló yẹ. Ẹni tó bá fi £100 ta á ní 2.30 yẹn, lójú ìṣirò, ó ti mú bíi £9.50 lọ́wọ́ wọn kí bọ́ọ̀lù tó bẹ̀rẹ̀, bó borí bí kò borí. Kókó ibẹ̀ nìyẹn, òun sì ni ọ̀pọ̀ wa ò mọ̀. Wọn kì í dúró kí o jẹ kí wọ́n tó dè ẹ́. Wọ́n máa ń fi ọ́ọ̀dì tí o gbà wé ọ́ọ̀dì tó wà níbẹ̀ nígbà tí bọ́ọ̀lù fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Tí tìẹ bá ń dára ju tìgbà yẹn lọ léraléra, wọ́n ti mọ̀ ẹ́, kódà kó jẹ́ pé gbogbo tẹ́tẹ́ tí o ti ta ló pàdánù. Ẹni tó sì fi £5 ta bọ́ọ̀lù mẹ́wàá pọ̀ tó wá jẹ £2,000, wọn ò ní dè é. Wọ́n á kí i kú oríire, wọ́n á fi ọ̀fẹ́ ránṣẹ́ sí i. Wọ́n mọ̀ pé owó náà ń bọ̀ nílé.

Ẹni tó ń ṣe mátìdì bẹ́tìn kò tiẹ̀ gbọ́n tó ẹni tó ń wá ọ́ọ̀dì tí wọ́n gbàgbé. Ṣùgbọ́n ó rọrùn láti dá mọ̀ jù ú lọ. Ó máa ń wá nígbà tí ọ̀fẹ́ bá wà nìkan. Ó máa ń ta iye tí wọ́n ní kó ta gan-an, kò sí pẹ́nì kan lé. Ọ́ọ̀dì tó máa ń gbà sún mọ́ ti ọjà ní gbogbo ìgbà, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ń ta tẹ́tẹ́ nítorí ìgbádùn kì í wo ọjà. Lọ́jọ́ tí £30 ọ̀fẹ́ bá ti parí, ó kó owó ẹ̀ jáde. Ilé tẹ́tẹ́ fi £30 yẹn ra ẹnì kan tí wọ́n rò pé ó máa pàdánù fún wọn fún ọdún púpọ̀. Tí wọ́n bá rí i pé ìwọ kọ́ nìyẹn, kí ni wọ́n fẹ́ fi ẹ ṣe?

Òfin ò sì dí wọn lọ́wọ́. Òfin tẹ́tẹ́ ti 2005 sọ ọ́ di gbèsè tí o lè gbé lọ sí kóòtù tí wọn ò bá san tẹ́tẹ́ tó jẹ, ṣùgbọ́n kò fi dandan lé e pé kí wọ́n gba tẹ́tẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó ṣeé ṣe kó rí bẹ́ẹ̀ o. Ní Ọsirélíà, ní ìpínlẹ̀ tí Sídínì wà, láti 2014 ni òfin eré ẹṣin wọn ti là á sílẹ̀ pé ilé tẹ́tẹ́ gbọ́dọ̀ gba tẹ́tẹ́ dé iye kan pàtó lọ́wọ́ gbogbo oníbàárà, ì báà jẹ́ ẹni tó ń jẹ wọ́n. Níbí, kò sí irú ẹ̀. Àwọn tó ń sá lọ sórí ọjà pátápátá, torí pé ọjà kì í deni, kí wọ́n mọ̀ pé láti 2008 ni Betfair ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó àfikún lọ́wọ́ àwọn tó ń jèrè jù lórí ẹ̀, tó sì jẹ́ pé ní 2011 ó tó 60% fún àwọn kan.

Tèmi ni pé n kò bínú pé wọ́n dè mí. Ohun tó ń bí mi nínú ni ìpolówó wọn, tó ń ṣe bíi pé ẹni tó bá gbọ́n jù ló máa jẹ, tó sì jẹ́ pé ẹni tó bá gbọ́n gan-an ni wọ́n ń lé jáde. Ẹ fara balẹ̀ rò ó wò. Tí ó bá ti pé ọdún méjì tí o ti ń ta tẹ́tẹ́ lọ́dọ̀ wọn, tí wọn ò tíì dè ẹ́, tí o ṣì lè ta £200 lẹ́ẹ̀kan náà, tí wọ́n ń pè ẹ́ ní oníbàárà pàtàkì, kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ràn ẹ. Wọ́n ti ṣírò ẹ. Ìwọ ni 90 pẹ́nì yẹn.

Ìdè yìí náà ló sọ ìlérí £1,000 lóṣù di irọ́. Oníbàárà tuntun nìkan ni ọ̀fẹ́ ńlá wà fún, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lèèyàn sì ń jẹ́ tuntun. Nínú oṣù mẹ́jọ mi, £1,140 ni mo jèrè lápapọ̀, £760 nínú ẹ̀ sì wọlé ní oṣù méjì àkọ́kọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ó di £80, ó di £50, ó di kí n máa jí ní òru kí n lè wo ọ́ọ̀dì eré ẹṣin. Mo kọ wákàtí tí mo lò sílẹ̀, torí pé bí wọ́n ṣe kọ́ wa nìyẹn: wákàtí 130. Ẹ pín in. Kò tó £9 ní wákàtí kan. Ní oṣù kẹrin 2025, owó tó kéré jù tí òfin ní kí wọ́n san fún òṣìṣẹ́ di £12.21. Ẹni tó ń kó páálí ní wàhásì jù mí lọ. Nígbà tí wọ́n bá ti dè ẹ́ tán, ohun kan ṣoṣo tí wọ́n ṣì máa ń fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíì ni ọ̀fẹ́ eré kàsínò, èyí tó ń yí lójú fóònù. Kàsínò ò ní apá kejì tí èèyàn lè `Lay`. Ibẹ̀ ni mo ti rí àwọn méjì tí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú mi tí wọ́n dá gbogbo èrè wọn padà, tí wọ́n sì fi owó ilé kún un.

Ẹ wá rí i báyìí ìdí tí Bọ̀dá fi nílò páásípọ́ọ̀tù àbúrò yìí? Wọ́n ti dè é. Wọ́n ti dè é níbi gbogbo. Tí kò bá sí orúkọ tuntun, kò sí oníbàárà tuntun, kò sí £30. Àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Ìbàdàn àti Òṣogbo, tí wọn ò tíì mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì, orúkọ wọn ló ń tà.

Ó wuwo ju bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lọ. Kéèyàn fi orúkọ ẹlòmíì ṣí àkáǹtì láti gba owó, irọ́ pípa láti fi jèrè ni, Òfin Jìbìtì ti 2006 sì dárúkọ ẹ̀. Tí owó bá ń gba inú àkáǹtì báǹkì tìẹ kọjá lọ sọ́dọ̀ Bọ̀dá, báǹkì lè má kọ́kọ́ bi ọ́ léèrè bóyá o mọ̀ tàbí o ò mọ̀. Wọ́n lè ti àkáǹtì náà pa, kí wọ́n sì fi orúkọ ẹ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Cifas, níbi táwọn báǹkì ti ń wo ẹni tó ti lọ́wọ́ sí jìbìtì. Ó lè wà níbẹ̀ fún ọdún mẹ́fà. Ọdún mẹ́fà tó o fẹ́ fi wá iṣẹ́, tó o fẹ́ fi gba fóònù, tó o fẹ́ fi yá owó ilé.

Kódà ẹni tó ń lo orúkọ ara ẹ̀, kó ṣọ́ra pẹ̀lú ìwé báǹkì. Láti oṣù kìíní 2024, àwa tá a ń ṣe ìwádìí wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì díẹ̀ tí wọ́n ṣì ń gbà láyè kí ìyàwó tàbí ọkọ wọn wá bá wọn. Owó tí a fẹ́ fi hàn fún físà wọn gbọ́dọ̀ wà nínú báǹkì fún ọjọ́ 28 láìdín lójú iye tí wọ́n ní kó jẹ́. Ẹni tó bá kó £100 nínú ẹ̀ lọ sórí ọjà ní ọjọ́ kẹtàlélógún nítorí £22, á bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní. Mo mọ ẹnì kan. Ìyàwó ẹ̀ ti ra ẹ̀rù sílẹ̀ l'Ékòó.

Ohun tí mo ní kí àbúrò yẹn ṣe rèé, ẹ̀yin tí ẹ ti fi tiyín ránṣẹ́, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ náà. Kó sọ fún báǹkì ẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Kó yí ọ̀rọ̀ aṣínà ímeèlì ẹ̀ padà, torí ó ti fún Bọ̀dá ní ìyẹn náà. Kó kọ̀wé sí àwọn ilé tẹ́tẹ́ ńláńlá níkọ̀ọ̀kan, kó bi wọ́n bóyá àkáǹtì wà lórúkọ òun, kí wọ́n sì tì í. Ẹni tí tẹ́tẹ́ fúnra ẹ̀ bá ti wọ̀ lára, GAMSTOP á ti gbogbo ilé tẹ́tẹ́ tó ní ìwé àṣẹ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì níbí mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kan náà, lọ́fẹ̀ẹ́. Nọ́ńbà GamCare sì ni 0808 8020 133, ọ̀fẹ́ ni ìpè ẹ̀, ọ̀sán tàbí òru.

Mo kọ èyí dé ìdajì lánàá kó tó tún pè mí. Ilé tẹ́tẹ́ mẹ́ta ti dá a lóhùn. Kò ní nǹkan kan lọ́dọ̀ ọ̀kan. Lọ́dọ̀ èkejì, ó ti ní àkáǹtì láti ọjọ́ mọ́kànlá sẹ́yìn. Lọ́dọ̀ ẹ̀kẹta, £412 ti wọlé tó sì ti jáde lórúkọ ẹ̀, wọ́n sì ti dè é. Ọmọ tí kò tíì ta tẹ́tẹ́ kankan rí láyé ẹ̀, iye tó pọ̀ jù tó lè ta níbẹ̀ ti di 17 pẹ́nì.